Wáyà Tí A Ń Gé Tà: Ṣé Ká Ra Sọ́fítíwià Ọ́dà Ni, àbí Ká Kọ Tiwa?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáyà iná àti àwọn ohun èlò tó bá a rìn ni a ń tà fún àwọn kọngílá àti àwọn tó ń tún un tà. Inú ìwé àti orí fóònù ni a ti ń gba ọ́dà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ju ohun tí ìwé lè gbà lọ. A máa ń ta ohun tí kò sí nílẹ̀, a sì máa ń gbé ọjà ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Oníṣirò wa ní kí a ra sọ́fítíwià tó ti wà. Àbúrò mi tó jẹ́ pírógírámà ní kò sí èyí tó máa bá wa mu, torí pé gígé ni a ń gé wáyà tà, pé òun yóò kọ tiwa láàárín oṣù mẹ́ta. Èwo ni kí a ṣe?”

Oníṣirò yín àti àbúrò yín kò takora tó bí ẹ ṣe rò. Ìdí owó ni oníṣirò dúró sí tó ń wo ọ̀rọ̀ náà: ta ló ra kí ni, èló ló san, èló ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni àbúrò yín dúró sí ní tirẹ̀: wáyà wo ni a ó gé, mítà mélòó ni yóò kù lára rẹ̀, ta ni a ti ṣèlérí rẹ̀ fún. Ní apá ti owó, iṣẹ́ yín kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni tó ń ta ọjà lápapọ̀, ìbáà jẹ́ bàtà tàbí ìwé ló ń tà. Ní apá ti sítọ́ọ̀, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn ènìyàn á di ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yẹn mú, wọ́n á sì torí rẹ̀ kọ gbogbo nǹkan láti ìpìlẹ̀: ìwé owó, àkọsílẹ̀ gbèsè, orúkọ oníbàárà, ìṣirò oṣooṣù, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ti kọ, tí wọ́n sì ti ń tún ṣe láti ọdún gbọọrọ. Nítorí náà, ká kọ́kọ́ mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Ẹ mú ogún ọ́dà jáde nínú ìwé yín. Ẹ má mú àwọn tó lọ geere. Èyí tí oníbàárà dá padà, èyí tí a gbé lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tí iye owó rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀, àwọn yẹn ni kí ẹ mú. Ẹ pe ẹni tó gba ọ́dà náà, ẹni tó gé wáyà àti ẹni tó gbé e lọ jókòó, kí wọ́n sì sọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kó tó sọ pé “ó wà.” Níbikíbi tí iṣẹ́ yín bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀, ẹ bi ara yín bóyá irú ọjà tí ẹ ń tà ló fà á, tàbí àṣà tó ti mọ́ yín lára ni. Mo ti rí iléeṣẹ́ tó ń kọ ọ́dà kan ṣoṣo sínú ìwé mẹ́ta torí pé yàrá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jìnnà síra. Tí pírógírámà bá dé irú ibẹ̀ tó ní “ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún mi,” ojú ìwé mẹ́ta náà ni yóò kọ sínú kọ̀ǹpútà, àṣà tí ìwé bí yóò sì di ohun tí a náwó lé lórí. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kà sí àrà ọ̀tọ̀ yín ló ti wà nínú sọ́fítíwià tí wọ́n ń tà: kí iye owó oníbàárà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kí a gbé ìdajì ọ́dà lọ lónìí kí ìyókù tẹ̀ lé e, kí oníbàárà san àsansílẹ̀, kó dá díẹ̀ padà kí a sì yọ ọ́ nínú gbèsè rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fún yín.

Gígé wáyà ni yóò kù, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Ká ní wáyà oníwọ̀n 2.5 ni, tí róòlù rẹ̀ jẹ́ mítà 100. Lónìí, odidi róòlù kan wà nílẹ̀, pẹ̀lú àjẹkù mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ mítà 60, ìkejì 45, ìkẹta 35. Nínú ìwé, mítà 240 ló wà. Kọngílá kan pè, ó fẹ́ mítà 80, ó sì fẹ́ ẹ ní gígùn kan láìsí oríkèé, torí pé inú páìpù ara ògiri ni yóò ti fà á. Akọ̀wé wo ìwé, ó rí 240, ó gbà. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn pè, mítà 90 ni tirẹ̀, òun náà kò fẹ́ oríkèé. Akọ̀wé yọ 80 kúrò nínú 240, ó rí 160, ó tún gbà. Ṣùgbọ́n nínú sítọ́ọ̀, odidi róòlù yẹn nìkan ló lè gbé èyíkéyìí nínú ọ́dà méjèèjì. Gbàrà tí wọ́n bá gé 80 lára rẹ̀, 20 ló kù lára rẹ̀, èyí tó sì gùn jù nílẹ̀ kò ju 60 lọ. Ẹ ti ta 90 tí kò sí, bẹ́ẹ̀ ìwé ṣì ń sọ pé 160 wà, kò sì parọ́ nínú ìṣirò rẹ̀. Mo fura pé púpọ̀ nínú “a ta ohun tí kò sí” tí ẹ ń sọ ni kò ti ọwọ́ àìbìkítà wá. Ìwé yín ń ka mítà, oníbàárà sì ń ra gígùn.

Tí ẹ bá ra sọ́fítíwià, tí ẹ sì tò ó bí wọ́n ṣe máa ń tò ó fún gbogbo ènìyàn, àṣìṣe yìí gan-an ni yóò máa ṣe. Wọ́n á kọ sínú rẹ̀ pé róòlù 1 jẹ́ mítà 100, yóò sì máa ṣe ìṣirò láti róòlù sí mítà láìṣì rárá. Kò ní mọ̀ pé 60 àti 45 kò lè di 105. Ibi tí àbúrò yín ti rí òtítọ́ nìyí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló dé tó fi parí èrò rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà láti tò ó. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià ọjà ló ní ààyè láti fi nọ́ńbà sí ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ọjà kan náà. Odoo ń pè é ní Lot, ERPNext ń pè é ní Batch. Àwọn tó ń ta oògùn ló máa ń lò ó jù, kí wọ́n lè mọ páálí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ kọjá. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má lò ó fún wáyà. Gbogbo róòlù tó bá wọlé, ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ so káàdì nọ́ńbà náà mọ́ ọn lára. Tí ẹ bá gé lára rẹ̀, nọ́ńbà náà dúró sórí èyí tó kù. Nígbà náà, ohun tí akọ̀wé yóò rí kì í ṣe 240 mọ́. Yóò rí W25-0091 tó jẹ́ mítà 35, W25-0095 tó jẹ́ 45, W25-0098 tó jẹ́ 60, àti W25-0107 tó jẹ́ 100. Nígbà tí ọ́dà 80 dé, 0107 nìkan ló gbà á, akọ̀wé á sì fi orúkọ kọngílá náà dè é. Nígbà tí ọ́dà 90 dé, yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò sí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Yóò sọ fún oníbàárà náà lórí fóònù pé kó dúró de róòlù tuntun, tàbí kó mú 60 àti 30 tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gba gígùn méjì. Oníbàárà kì í bínú sí irú èsì yẹn bó ṣe máa ń bínú tí ọkọ̀ bá dé lọ́wọ́ òfo.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń ta sọ́fítíwià fún yín lè má rántí sọ. Tí ẹ kò bá fọwọ́ ara yín yan nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a tò láti mú èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀ ṣáájú, tí kò bá sì tó, wọ́n á fi èyí tó tẹ̀ lé e kún un. Ẹ wo ohun tí ìyẹn yóò ṣe sí ọ́dà 80: yóò mú 35 lára 0091, yóò mú 45 lára 0095, ó pé 80 gééré, yóò sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ tó bá ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà sọ yóò gbé gígùn méjì fún ẹni tó fẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àyè láti dán an wò, ẹ kó àjẹkù mẹ́ta àti odidi róòlù yìí sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba ọ́dà 80 àti ọ́dà 90 lójú wọn. Ẹ wò ó bóyá akọ̀wé lè yan nọ́ńbà fúnra rẹ̀, bóyá ìdè tó fi sí i yóò hàn sí akọ̀wé kejì, àti bóyá nọ́ńbà náà yóò jáde lórí ìwé tí ẹni tó ń gé wáyà máa tẹ̀ lé. Ìdánwò yìí kò gba ju ìdajì wákàtí lọ, yóò sì sọ fún yín ju ohun tí gbogbo ìwé ìpolówó wọn lè sọ.

Ohun kan ṣì kù tí rírà kò lè yanjú. Ká ní ẹnìkan fẹ́ mítà 40. Èyí tó kúrú jù tó lè gbé e ni 45, ṣùgbọ́n mítà 5 ni yóò kù, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹni tó máa ra mítà 5 fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí ẹ bá gé e lára 60, 20 ni yóò kù, 20 sì ń tà. Ẹni tó ń gé wáyà fún yín mọ èyí lọ́kàn láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ìmọ̀ yẹn jẹ́ ti iléeṣẹ́ yín nìkan, èrè yín sì wà nínú rẹ̀, torí pé àjẹkù tí kò tà jẹ́ owó tó sùn sórí pákó. Iṣẹ́ àbúrò yín rèé: ojú ìwé kékeré kan tó ń ka àkójọ nọ́ńbà wáyà látinú sọ́fítíwià tí ẹ rà, tí a ó tẹ gígùn tí oníbàárà fẹ́ sí i, tí yóò sì dábàá èyí tó yẹ kí a gé, pẹ̀lú òfin yín lórí àjẹkù tó kéré jù tí ẹ lè fara mọ́. Kó lè ṣe é, sọ́fítíwià tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ètò mìíràn lè gbà ka inú rẹ̀, èyí tí ẹ ó rí tí wọ́n kọ ní API nínú ìwé àlàyé rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ó wà nínú iye tí ẹ fẹ́ san, torí pé àwọn kan máa ń fi sínú èyí tó wọ́n jù. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán irú iṣẹ́ kékeré yìí ni pé tó bá bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ń gé wáyà á fojú ara rẹ̀ yàn bó ṣe ń yàn lónìí, ọjà á sì máa lọ. Tó bá jẹ́ gbogbo ètò ọ́dà ni àbúrò yín kọ, tó sì bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó ti ilẹ̀kùn.

Ní ti oṣù mẹ́ta tó dá, mi ò rò pé ó ń tàn yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè kọ ojú ìwé tí a ń kọ ọ́dà sí, tó sì ń tẹ ìwé owó jáde, láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tí kò sí nínú oṣù mẹ́ta náà ni àwọn àṣìṣe tí kì í yọjú títí ènìyàn méjì yóò fi lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé méjì ṣí W25-0107 lórí kọ̀ǹpútà wọn ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn méjèèjì rí 100. Ọ̀kan fi 80 pamọ́, èkejì fi 90 pamọ́. Tí ètò náà bá kọ́kọ́ ń ka iye tó wà, tó wá ń ṣírò, kó tó padà lọ kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò yege, wàhálà tí ẹ sá fún nínú ìwé yóò sì tún bá yín nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó yẹ ni pé kí wíwò àti dídè jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn kò lè bọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ fi èyí han àbúrò yín, yóò yé e:

```sql
UPDATE ege
SET ti_a_de = ti_a_de + 80
WHERE nomba = 'W25-0107'
  AND gigun - ti_a_de >= 80;
```

Tí èsì bá jẹ́ pé ìlà 1 ló yí padà, wáyà náà ti di ti oníbàárà yìí. Tó bá jẹ́ ìlà 0, ẹlòmíràn ti ṣáájú, akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè dán an wò láìmọ ohunkóhun nípa kóòdù. Ẹ fún ènìyàn méjì ní fóònù, kí wọ́n ṣí gígùn kan náà, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n sì jọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é léraléra. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan nínú wọn tẹ bọ́tìnì ọ́dà, kí ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un tàn, kó sì tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kejì. Tí ọ́dà méjì bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ kù. Ẹ ṣe ìdánwò kan náà fún sọ́fítíwià tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ má ṣe ojúsàájú.

Òmíràn tí mo máa ń rí nínú ètò tí a kọ nílé ni ti iye owó. Ẹni tó kọ ọ́ yóò jẹ́ kí ìwé owó máa lọ wo iye wáyà níbi tí a kọ iye ọjà sí. Ó dára títí di ọjọ́ tí iye wáyà bá gòkè. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo ìwé owó àtijọ́ tí a kò tíì san tán yóò gòkè pẹ̀lú rẹ̀, oníbàárà tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lóṣù tó kọjá yóò sì rí iye tí kò mọ̀ rí. Iye owó gbọ́dọ̀ wọ inú ọ́dà ní ọjọ́ tí a gbà á, kó sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwià ti ṣubú sínú gbogbo kòtò yìí, wọ́n sì ti dí i kí ẹ tó dé. Ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an nìyẹn nígbà tí ẹ bá rà á.

Ẹ tún wo ọdún kejì. Nínú sọ́fítíwià tí a bá lò pẹ́, ohun tó lé ní ìdajì owó rẹ̀ ni a máa ń ná lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lórí títún un ṣe àti yíyí i padà. Òfin owó orí yí padà, báńkì yí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé padà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nílò àtúnṣe kí olè má bàa wọ ọ́, ẹ ṣí sítọ́ọ̀ kejì. Ta ni yóò ṣe é nígbà tí àbúrò yín bá ti gba iṣẹ́ tó gbà á láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yín ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Pírógírámà tí ẹ kò bá tan, ẹ lè bá a fọwọ́ síwèé kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fọwọ́ òfin mú ọmọ ìyá ẹni nítorí ìwé owó tí kò tẹ̀ jáde. Ohunkóhun tó bá kọ fún yín, bó ti wù kó kéré tó, kí kóòdù rẹ̀, sáfà tó wà lórí rẹ̀ àti orúkọ ìkànnì rẹ̀ wà lórúkọ iléeṣẹ́, kí ẹ sì rí pírógírámà mìíràn tó lè ṣí i kó sì yé e.

Rírà náà ní ìyà tirẹ̀. Iye ènìyàn tó ń lò ó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba owó lóṣooṣù. Nítorí náà ẹ má ka akọ̀wé nìkan, ẹ ka ẹni tó ń gé wáyà àti ẹni tó ń gbé e lọ mọ́ ọn. Nígbà tí iye yẹn bá ga, ohun tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń ṣe ni pé ènìyàn mẹ́rin á máa lo orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó fún oníbàárà ní ẹ̀dínwó tàbí ẹni tó tú ìdè lára W25-0107. Ẹ̀rí yẹn wà lára ìdí pàtàkì tí ẹ fi ń kúrò nínú ìwé, ẹ má tà á nítorí owó oṣooṣù ẹni mẹ́ta. Ẹni tó ta sọ́fítíwià lè fowó kún un nígbà tó bá wù ú, ó sì lè má fi ohun tí ẹ bèèrè kún un láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí a wo àwọn tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà àti láti yí padà. ERPNext jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣirò owó sì wà nínú rẹ̀. Odoo ní ẹ̀dà Community tí ẹ kò ní san owó fún, nọ́ńbà Lot sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìṣirò owó ní kíkún wà nínú ẹ̀dà tí a ń sanwó fún, ìyẹn yóò sì kan oníṣirò yín. Bí kóòdù tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, sáfà àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ìdẹwò kan wà nínú kóòdù tó ṣí sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó mọ kóòdù kọ: kó wọ inú rẹ̀ lọ yí i padà. Ọdọọdún ni Odoo ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ẹ̀dà mẹ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ń tọ́jú. Tí àbúrò yín bá ti dá ọgbẹ́ sí inú kóòdù náà gan-an, ẹ kò ní lè gba ẹ̀dà tuntun láìtún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ ó wá jókòó sórí ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú mọ́. Ẹ kò kọ tiyín, ẹ kò sì ra ti ẹlòmíràn mọ́. Kí ohun tó bá kọ dúró níta, kó máa gba ẹnu ọ̀nà API tí wọ́n ṣí sílẹ̀ wọlé.

Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, mo máa rà, mo máa fi nọ́ńbà sí gbogbo róòlù àti àjẹkù, mo sì máa jẹ́ kí akọ̀wé fọwọ́ yan èyí tí a ó gé fún oṣù mélòó kan. Tó bá hàn nígbà náà pé yíyàn náà ń dá iṣẹ́ dúró, ojú ìwé kékeré ti àbúrò yín kàn nìyẹn, yóò sì kọ ọ́ dáadáa sí i torí pé yóò ti rí bí wọ́n ṣe ń yàn. Ohun méjì ló lè yí mi lérò padà. Àkọ́kọ́ ni tí ẹ bá dán mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, tí kò sí èyí tó jẹ́ kí akọ̀wé dè nọ́ńbà kan mọ́ ọ́dà kan. Ìkejì ni tó bá jẹ́ pé yàtọ̀ sí gígé, ẹ tún ń so wáyà pọ̀, tí ẹ ń fi nǹkan bò wọ́n, tí ẹ ń sọ wọ́n di ọjà tuntun, àti pé ohun tí ẹ fi borí àwọn tó ń bá yín dupò ni bí ẹ ṣe ń ṣe é kíákíá. Nígbà náà, kíkọ tiyín yẹ ní ìgbéyẹ̀wò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú pírógírámà méjì ó kéré tán, àti owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe àwìn, ó sì lè ní àwọn ìlà tí lẹ́tà yín kò fi hàn mí. Ogún ọ́dà yẹn ni yóò sọ ọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ yín jáde fún yín nígbà ìdánwò ní CSV, irú fáìlì tí Excel àti ètò mìíràn lè kà: oníbàárà, gbèsè, ọ́dà pẹ̀lú gbogbo ìlà inú rẹ̀, àti nọ́ńbà wáyà. Àwọn kan máa ń fún ènìyàn ní orúkọ oníbàárà nìkan, tí ọ́dà á sì jáde ní àwòrán ìwé tí kọ̀ǹpútà mìíràn kò lè kà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dè yín mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń kó orúkọ oníbàárà yín wọlé láti Excel, ẹ sọ òpó nọ́ńbà fóònù di Text kí ẹ tó tẹ nǹkan sí i, nítorí Excel máa ń jẹ òdo tó ṣáájú nọ́ńbà, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi pe ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọjọ́ tí ẹ kì í tajà. Ẹ wọn gbogbo wáyà tó wà ní sítọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má lo iye tó wà nínú ìwé, kí ẹ so káàdì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ́dà tí kò tíì parí, ẹ dè wọ́n mọ́ nọ́ńbà wáyà kí akọ̀wé tó gba ọ́dà tuntun kankan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà yóò máa ta ohun tí ìwé ti tà. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má gé wáyà tí kò ní nọ́ńbà lórí ìwé tó mú dání.